Hóró Mẹ́fà, Ọjọ́ Kan Ṣoṣo: Bí Ìwé Àlàyé Oògùn Ṣe Ń Di Ìwé Aláìsàn

Ìwé àlàyé tí àwọn tó ń ṣe oògùn máa ń kọ fún dókítà àti apòògùn kì í kánjú. Ó kọ́kọ́ sọ àìsàn tí oògùn náà wà fún, ó wá kan ìwọ̀n, ó kan àwọn tí kò gbọdọ̀ lò ó, ìkìlọ̀, àwọn oògùn mìíràn tí kò bá a rẹ́, oyún àti ìfọ́mọlọ́mú, kó tó dé orí àtúnbọ̀tán. Ọ̀rọ̀ ẹni tó bá lò ó ju bó ṣe yẹ lọ ló máa ń tẹ̀ lé e. Ètò yẹn dára fún dókítà, nítorí ohun tó ń rò ni bóyá kí òun kọ oògùn náà fún ẹni tó jókòó níwájú òun. Aláìsàn ti kọjá ibẹ̀. Oògùn ti dé ọwọ́ rẹ̀, ó ti délé. Ìgbà tí yóò gbé e mì ló fẹ́ mọ̀, àti ohun tí ojú rẹ̀ lè rí, àti èwo nínú rẹ̀ ló gba kó sáré jáde nílé.

Apòògùn ni mí, ara iṣẹ́ mi sì ni kí n máa sọ irú ìwé àkọ́kọ́ yẹn di ìwé ìléwọ́ tí aláìsàn lè kà tán kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá kọ́kọ́ dé ìdí iṣẹ́ yìí máa ń rò pé kíké kúrú ni. Wọ́n á yọ ojú ewé mélòó kan, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn rọ́pò èyí tó le, ètò ìwé náà á sì wà bó ṣe wà. Ohun tí yóò jáde ni ìwé dókítà tó fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fẹ́ fi oògùn kan ṣoṣo ṣàlàyé ìdí tí ìyẹn kò fi tó, oògùn náà sì ni mẹtotirẹsétì, ti oníhóró, tí wọ́n ń fún àwọn tó ní làkúrègbé irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń gbógun ti oríkèé.

Nínú ìwé àlàyé mẹtotirẹsétì, gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù lọ wà nínú orí ìwọ̀n: ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí a máa lò ó. Kò sí oògùn púpọ̀ tí à ń lò báyìí. Ọ̀pọ̀ oògùn tí ènìyàn ti lò láyé rẹ̀, ojoojúmọ́ ni, torí náà ọwọ́ a máa lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára. Àwọn kan ti kú torí pé wọ́n ń lo mẹtotirẹsétì lójoojúmọ́ ní àṣìṣe. Àjọ tó ń rí sí oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù pàápàá tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní ọdún 2019. Wọ́n ní kí ìkìlọ̀ tó hàn gbangba wà lára páálí, kí káàdì kan máa bá hóró oògùn náà lọ sọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n sì ní kí a má ṣe pín ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbà púpọ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn yẹn fi gbọdọ̀ kúrò nínú orí ìwọ̀n, kó bọ́ sí òkè ìwé ìléwọ́, kí a tó sọ ohun tí oògùn náà ń ṣe rárá. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe máa sọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tí dókítà kọ mílígíráàmù 15 fún. Hóró kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 2.5, nítorí náà hóró 6 ni. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni: «Ẹ máa lo hóró 6 lọ́sẹ̀.» Ó kúrú, ó yéni, kò sì sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ewu wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka á bí ènìyàn ṣe ń kàwé lè rò pé ọ̀kan lójúmọ́ ni, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó wá sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Àròpọ̀ rẹ̀ náà á jẹ́ 6.

Ibí yìí ni kí ẹ má jẹ́ kí ìṣirò tàn yín. Mílígíráàmù 15 tí a lò lẹ́ẹ̀kan náà àti mílígíráàmù 15 tí a fọ́n ká ọjọ́ mẹ́fà kì í ṣe ohun kan náà fún ara. Mẹtotirẹsétì máa ń dí ọ̀nà tí ara fi ń lo fólíìtì, ìyẹn èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá kò lè ṣe láìsí. Bí oògùn náà bá wọlé lọ́jọ́ kan tí púpọ̀ rẹ̀ sì bá ìtọ̀ jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹnu, ti ìfun àti ti mùdùnmúdùn eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ máa ń ráyè mí ní àwọn ọjọ́ tó kù. Bí ó bá ń wọlé lójoojúmọ́, wọn kò ní ráyè. Bí àkókò tí oògùn fi wà lára ṣe gùn tó máa ń dá kún ìpalára rẹ̀ gan-an.

Torí náà bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí: «Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ni kí ẹ lo oògùn yìí. Ọjọ́ yín ni ọjọ́ ............ Ní ọjọ́ náà, ẹ gbé hóró 6 mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù nínú ọ̀sẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ lo ìkankan.» Apòògùn ni yóò kọ orúkọ ọjọ́ sí àlàfo yẹn níwájú aláìsàn, ní kíkún, láìgé e kúrú. Gbólóhùn tó kẹ́yìn dà bí àtúnsọ, olóòtú tó fẹ́ràn ìwé ṣókí á sì fẹ́ yọ ọ́. Èmi kì í gbà. Òun ló ti ilẹ̀kùn tí «hóró 6 lọ́sẹ̀» ṣí sílẹ̀.

Fólíìkì ásíìdì tún wà níbẹ̀ tó lè da nǹkan rú. Àwọn dókítà máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú mẹtotirẹsétì kí ìpalára rẹ̀ lè dín kù, lọ́jọ́ mìíràn ju ọjọ́ mẹtotirẹsétì lọ. Ó wá di hóró méjì, tí àwọ̀ wọn lè jọra, tí ọjọ́ wọn kò sì papọ̀. Nínú ìwé ìléwọ́ mi, fólíìkì ásíìdì ní àlàfo ọjọ́ tirẹ̀ lábẹ́ ti àkọ́kọ́, n kò sì jẹ́ kí oògùn méjèèjì wà nínú gbólóhùn kan náà.

Mo máa ń fi ìlà kan sí i tí kò sí nínú ìwé dókítà rárá: pé wọ́n máa ń fi oògùn yìí kan náà wo jẹjẹrẹ ní ìwọ̀n tó pọ̀ ju èyí lọ, àmọ́ pé èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ ní jẹjẹrẹ. Aláìsàn á sáà wá orúkọ oògùn rẹ̀ lórí fóònù. Ó sàn kó ti ọwọ́ wa gbọ́.

Ó wá kan àtúnbọ̀tán. Ìwé dókítà máa ń to àtúnbọ̀tán ní ẹ̀ya ara, ẹ̀jẹ̀ lọ́tọ̀, ìfun lọ́tọ̀, ẹ̀dọ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀dọ̀fóró lọ́tọ̀. Lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ó tún to wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣẹlẹ̀ tó. Ohun tí wọ́n ń pè ní «ó wọ́pọ̀ gan-an» níbẹ̀ túmọ̀ sí ẹni 1 nínú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. «Ó wọ́pọ̀» ni ó kéré sí ìyẹn, títí dé ẹni 1 nínú 100. Ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn tó bá gbọ́ pé nǹkan «wọ́pọ̀» kì í rò ó báyẹn. Ohun tó ń rò ni pé ìdajì àwọn tó ń lò ó ló ń ṣe, pé òun náà ò ní lè yẹ̀ ẹ́. Nítorí náà mo máa ń kọ nọ́ńbà, mo sì máa ń lo 100 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: «Nínú ènìyàn 100 tó ń lo oògùn yìí, inú lè máa ru 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.» Bí mo bá sọ 1 nínú 10 níhìn-ín tí mo tún sọ 3 nínú 100 lọ́hùn-ún, àwọn kan á rò pé 3 ló pọ̀ jù.

Àmọ́ àwọn àmì ewu kò ní nọ́ńbà kankan nínú ìwé mi. Ẹni tí mímí ń nira fún kò nílò láti mọ̀ bóyá irú rẹ̀ pọ̀ tàbí kò pọ̀. Nọ́ńbà kékeré tilẹ̀ lè mú un dúró sílé, pé irú èyí ṣọ̀wọ́n, kò lè jẹ́ tèmi.

Iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n jù ni yíyí orúkọ àrùn padà sí ohun tí ara lè mọ̀. Ìwé dókítà á ní sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lè dín kù. Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ ọ́n lára pé sẹ́ẹ̀lì funfun òun ti dín kù. Ohun tí yóò mọ̀ ni ibà, tàbí òtútù tó ń gbọ̀n ọ́n, tàbí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bá dín kù, erìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, àpá dúdú á máa hàn lára bí ẹni tó forí gbá nǹkan, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó gbá a. Ti ẹ̀dọ̀fóró ni ikọ́ gbígbẹ tí kò ti wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èémí tó ń já, ó sì lè yọjú nígbàkigbà tí ènìyàn bá ń lo oògùn náà. Ti ẹ̀dọ̀ ni funfun ojú tó di yẹ́lò àti ìtọ̀ tó dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ lè máa bàjẹ́ láìsọ nǹkan kan fún ẹni tó ni ín, ibẹ̀ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wúlò. Mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá dá, kódà bí ara wọn bá le kokoko, torí pé àwọn ìyípadà kan wà tí ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè fi hàn.

Egbò ẹnu ni mo máa ń lo àkókò lé lórí jù. Nínú ìwé dókítà, ibi méjì ló wà. Nínú àtòjọ àtúnbọ̀tán, ó wà láàárín àwọn tó wọ́pọ̀ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú rírú àti àìlejẹun, bí ohun kékeré tí ènìyàn lè fara dà. Nínú orí ìkìlọ̀, ìwé kan náà ní bí ẹnu bá bó tí ìgbẹ́ gbuuru sì wà, kí a dá oògùn dúró, kí ìfun má baà ya. Ìwé náà kò tako ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bo inú ẹnu máa ń tètè kú kí òmíràn sì tètè rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti mùdùnmúdùn eegun, nítorí náà ohun tí oògùn ń ṣe nínú eegun níbi tí a kò ti lè rí i, ẹnu lè fi hàn wá lójú gbangba. Egbò kékeré kan lè jẹ́ egbò kékeré lásán. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn ti ń pọ̀ jù lára, bóyá torí kíndìnrín kò lé e jáde dáadáa mọ́, bóyá torí aláìsàn ti ń lò ó lójoojúmọ́ láìmọ̀.

Níbo la máa wá fi sí nínú ìwé ìléwọ́? Bí mo bá fi sáàárín àwọn tí kò léwu, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń bó ní tòótọ́ á máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, ọjọ́ oògùn á pé, á sì tún gbé hóró 6 mì lé e lórí. Bí mo bá fi sí abẹ́ «ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn», gbogbo ẹni tó bá ti géyín mọ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ni yóò dé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi dẹ́kun gbígba ìwé náà gbọ́.

Bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni oògùn náà ló yọ wá. Àǹfààní mẹtotirẹsétì fún oríkèé máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó hàn, kì í sì í parẹ́ lọ́gán nítorí ọ̀sẹ̀ kan tí ènìyàn kò lò ó. Fífi hóró ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́, nígbà tí gbígbé e mì lé egbò lórí lè ba ohun púpọ̀ jẹ́. Nítorí náà mo dá àkọlé kan sáàárín èyí tí kò léwu àti èyí tó gba ìsáré: «Bí ẹ bá rí èyí, ẹ má lo oògùn yín tó kàn títí ẹ ó fi bá wa sọ̀rọ̀.» Egbò ẹnu, kódà bó jẹ́ ẹyọ kan, wà níbẹ̀. Èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí kò dúró náà wà níbẹ̀, torí omi ara tó ń lọ lè mú kí kíndìnrín má lè lé oògùn náà jáde bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí egbò ẹnu bá bá ibà rìn, tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn, tàbí ẹ̀jẹ̀, tàbí bí ènìyàn kò bá lè mu omi, ó ti kúrò lábẹ́ àkọlé yẹn nìyẹn, ilé ìwòsàn lónìí ni.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí mo fún ní ìwé náà kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kò fara mọ́ ọn pátápátá. «Apòògùn, fóònù wa kò ní sinmi o,» ló wí. Òótọ́ ni. Mo dá a lóhùn pé, «Mà, ẹni tó pè láìnídìí á gba ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò pè ló yẹ ká máa bẹ̀rù.» A kò fi ìlà náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ìmọ̀ràn rẹ̀ ló jẹ́ kí n kọ àkókò tí wọ́n ń gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, àti ohun tí aláìsàn yóò ṣe bí kò bá sẹ́ni tó gbé e: kó má lo oògùn náà, kó tún pè lọ́jọ́ kejì.

Orí tó wà lẹ́yìn àtúnbọ̀tán nínú ìwé dókítà, ọ̀rọ̀ ẹni tó lo oògùn jù, ni mo máa ń gbé wá sí iwájú, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìwé dókítà ní kí a tètè fún onítọ̀hún ní fólínéètì, ìyẹn oògùn tó ń gbà á lọ́wọ́ mẹtotirẹsétì. «Tètè» yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àmọ́ aláìsàn tó lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ lè má mọ nǹkan kan lára. Ìgbà tí ẹnu bá bó tí ibà sì dé ni ara tó sọ̀rọ̀, ó sì lè ti pẹ́ nígbà náà. Ohun tí a kọ́ni láti kékeré ni pé bí nǹkan kò bá dunni, kò ṣe nǹkan. Ìwé ìléwọ́ gbọdọ̀ tako ìyẹn ní tààrà: «Bí ẹ bá ti lo oògùn yìí ju ọjọ́ kan lọ nínú ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, bí ara yín tilẹ̀ dá. Ẹ mú páálí oògùn náà dání. Oògùn kan wà tó lè dáàbò bò yín, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí ẹ bá tètè dé.» Orúkọ oògùn náà kò wúlò fún aláìsàn, páálí ni dókítà fẹ́ rí.

Àwọn oògùn tí kò bá a rẹ́ gba ojú ewé méjì nínú ìwé dókítà. Nínú tèmi, ọ̀kan ni mo dárúkọ pẹ̀lú lẹ́tà tó dúdú: tiraimẹtopírìmù, tí wọ́n máa ń fún ènìyàn fún àìsàn inú ìtọ̀, àti kotirimọ́sásóòlù tí òun náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà fólíìtì kan náà ni òun náà ń dí, àwọn méjèèjì lápapọ̀ sì lè mú kí mùdùnmúdùn eegun dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo máa ń rí i pé orúkọ náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà lára páálí gan-an, kí aláìsàn lè fi ojú bá a. Fún èyí tó kù, ìlà kan ti tó: kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún wọn ní oògùn pé mẹtotirẹsétì ni àwọn ń lò. Ọ̀rọ̀ oyún kò gba àlàyé gígùn, ó gba kó ṣe kedere: oògùn yìí lè ba ọmọ inú jẹ́, obìnrin kò gbọdọ̀ lóyún nígbà tó bá ń lò ó àti fún ó kéré tán oṣù 6 lẹ́yìn tó bá dá a dúró. Ọkùnrin náà gbọdọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó bímọ.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, n kì í béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé pé ṣé ó yé wọn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ó yé àwọn. Ní Yúróòpù, ìwé tó wà nínú páálí oògùn gbọdọ̀ kọjá lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé gidi kó tó jáde. Ẹni 10 ní ìpele kan àti 10 mìíràn ní ìpele kejì ni wọ́n sábà máa ń lò. Nínú ẹni 10, 9 gbọdọ̀ lè rí ìdáhùn nínú ìwé náà, 9 nínú 10 àwọn tó rí i sì gbọdọ̀ lè sọ ọ́ bó ṣe yé wọn. Ọ̀nà yẹn náà ni mo ń tọ̀, ìbéèrè mi sì máa ń jẹ́ ti ìṣe: «Ọjọ́rú ni ọjọ́ oògùn yín. Ẹ gbàgbé. Òní ti di ọjọ́ Ẹtì. Kí ni ẹ máa ṣe?» Ìdáhùn inú ìwé ni pé bí kò bá tíì ju ọjọ́ méjì lọ, kí wọ́n lò ó, kí wọ́n sì padà sí Ọjọ́rú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. «Bó bá ti di ọjọ́ Àìkú ńkọ́?» Kí wọ́n fi ti ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀, kí wọ́n má sì lo ìlọ́po méjì ní Ọjọ́rú. Bí ẹni tí mo ń bi bá ń yí ojú ewé síwá sẹ́yìn, mo ti mọ̀ pé ìdáhùn kò sí níbi tí ó yẹ kó wà, kódà bó bá padà rí i.

Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú àwọn tí mo fi ìwé yìí hàn, tó dáhùn gbogbo ìbéèrè mi láìṣì ọ̀kan. Nígbà tí mo parí, ó ní, «Ọmọ mi, ó ku èyí tèmi. O ní hóró 6. Bí wọ́n bá fún mi ní hóró tí kò jọ èyí tí mo ń lò ńkọ́?» Ìwé dókítà kò ní irú ìbéèrè yẹn, torí dókítà kì í wo àwọ̀ hóró. Ṣùgbọ́n hóró mẹtotirẹsétì mílígíráàmù 10 wà ní ọjà, ó sì lè jọ ti 2.5. Hóró 6 rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 60, ìlọ́po mẹ́rin ohun tí dókítà kọ, tí aláìsàn sì tẹ̀ lé ìwé mi láìkù síbì kan. Ìlà kan ló bọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ hóró 6 lọ́jọ́ náà: «Lára páálí yín, ẹ wá 2.5. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà mìíràn níbẹ̀, tàbí tí hóró náà kò bá jọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ má lo ìkankan. Ẹ gbé e padà fún apòògùn.»